Ère ìbejì kan náà, iye mẹ́ta: ti adójútòfò, ti ọjà àti ti gbàǹjo

Bí ẹ bá gbé ère ìbejì tí ìyá àgbà fi sílẹ̀ lọ bá adíyelé ní Lọ́ńdọ̀nù, ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kó bi yín ni pé, "Kí lẹ fẹ́ fi ìdíyelé náà ṣe?" Bí kò bá béèrè, ẹ wá ẹlòmíràn. Ère kan náà lè ní iye mẹ́ta ní ọjọ́ kan ṣoṣo, kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì jẹ́ òótọ́, torí pé ìbéèrè tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń dáhùn kò jọra. Ibi tí owó ti ń ṣòfò ni kí èèyàn mú ìdáhùn ìbéèrè kan lọ fún ẹni tó ń béèrè òmíràn.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan ṣe gbogbo rẹ̀. Ère ìbejì méjì ni, akọ àti abo, iṣẹ́ ọwọ́ Ẹ̀gbá, gíga wọn jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 26. Ọwọ́ kan náà ló gbẹ́ wọn, nítorí náà ogún kan là ń kà wọ́n sí. Fọ́tò kan wà tí wọ́n yà ní 1951, nínú yàrá kan ní Lọ́ńdọ̀nù, tí àwọn ère náà hàn lórí pẹpẹ ìwé. Wọn kò mọ orúkọ agbẹ́gilére. Àwọn iye tí a máa lò kì í ṣe ti ọjà kan pàtó tó wáyé, a kàn fi wọ́n ṣe ìṣirò kí ọ̀rọ̀ lè yé ni.

| | Iye adójútòfò | Iye ọjà | Ìfojúdíwọ̀n gbàǹjo |
|---|---|---|---|
| Ìbéèrè tó ń dáhùn | Tó bá sọnù, èló la máa fi ra irú rẹ̀ lọ́dọ̀ oníṣòwò? | Èló ni ẹni tó fẹ́ rà àti ẹni tó fẹ́ tà máa fẹnu kò sí, láìsí kánjú? | Láàárín èló sí èló ni a rò pé òòlù tó ń fi òpin sí gbàǹjo máa balẹ̀? |
| Àpẹẹrẹ wa | £4,800 | £2,000 | £1,500 sí £2,500 |
| Ẹni tó nílò rẹ̀ | Ilé-iṣẹ́ adójútòfò | Agbowó-orí, àti ẹbí tó fẹ́ pín ogún | Ẹni tó fẹ́ tà |
| Ìgbà tí ẹ máa tún un ṣe | Ọdún mẹ́ta sí márùn-ún | Ọjọ́ ikú tàbí ọjọ́ pínpín ni kó dúró lé | Oṣù díẹ̀ ṣáájú títà |

Iye adójútòfò

Iye yìí ló sábà máa ń ga jù lọ, kì í sì í ṣe pé adíyelé fẹ́ múnú yín dùn. Owó tí ẹ máa san bí ẹ bá fẹ́ ra irú ère bẹ́ẹ̀ láìpẹ́, lọ́wọ́ oníṣòwò tó ní ṣọ́ọ̀bù, ló ń wò. Oníṣòwò náà ti san owó ilé, ó ti lè fi ọjà náà pamọ́ fún ọdún kan kó tó rí ẹni rà á, ó sì máa kọ ìwé fún yín pé ojúlówó ni. Gbogbo ìyẹn wà nínú £4,800. Kò sí ẹni tó máa ka iye yẹn sí ọwọ́ yín bí ẹ bá gbé ère náà jáde láti tà lọ́la, kódà oníṣòwò yẹn gan-an kò ní san tó ìdajì rẹ̀.

Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ ka ìwé adójútòfò ẹrù inú ilé tí ẹ ní. Ó máa ń ní òpin owó fún ohun kan ṣoṣo. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, £1,500 tàbí £2,000 wọ́pọ̀. Ohun tí iye rẹ̀ bá ju òpin yẹn lọ, tí ẹ kò sì dárúkọ rẹ̀ sínú ìwé, ibi òpin yẹn ni wọ́n máa san dé, bó ti wù kí ẹ ní ẹ̀rí tó. Bí ẹ bá ń dárúkọ rẹ̀, ẹ béèrè fún àdéhùn tí ẹ̀yin àti ilé-iṣẹ́ ti fẹnu kò sí iye rẹ̀ ṣáájú. Lábẹ́ irú àdéhùn bẹ́ẹ̀, bí wọ́n bá jí i lọ, £4,800 náà ni wọ́n máa san, láìsí àríyànjiyàn. Bí kò bá sí irú àdéhùn yẹn, ọjọ́ tí nǹkan bá ti sọnù tán ni wọ́n máa ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí ẹ wá fi hàn pé ó tó bẹ́ẹ̀, ìgbà tí ère náà kò sì sí mọ́ láti fi han ẹnikẹ́ni.

Ewu tó wà nínú kíkọ iye kékeré kì í hàn àfi ọjọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́. Ká ní ẹ mú £2,000, iye ọjà, lọ fún ilé-iṣẹ́ adójútòfò kí owó tí ẹ ń san lọ́dọọdún lè dín kù. Omi wá já láti òkè, igi ère kan là, wọ́n sì ní àtúnṣe rẹ̀ máa jẹ́ £1,200. Ẹ lè rò pé £1,200 kò ì tó £2,000, nítorí náà wọ́n máa san án tán. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ìwé adójútòfò ní gbólóhùn kan tó ní bí iye tí ẹ kọ bá kéré sí iye tòótọ́, ìpín kan náà ni wọ́n máa fi san àdánù. £2,000 nínú £4,800 jẹ́ ìpín márùn-ún nínú méjìlá. Ìpín márùn-ún nínú méjìlá £1,200 jẹ́ £500. Ẹ̀yin lẹ máa fi £700 kún un.

Fún ìbejì, gbólóhùn míì wà tó ṣe pàtàkì ju gbogbo èyí lọ, ìyẹn ni èyí tó sọ̀rọ̀ nípa àwọn ohun tó jẹ́ méjì-méjì. Bí wọ́n bá jí akọ, tí abo ṣẹ́ kù, kí ni wọ́n máa san? Àwọn kan máa san ìdajì péré, £2,400, wọ́n á sì ní èkejì ṣì wà lọ́wọ́ yín. Ṣùgbọ́n ère kan tó dá wà kì í mú ìdajì owó méjì wá lọ́jà, ó sábà máa ń kéré sí i. Àwọn míì máa san owó méjèèjì pé, ṣùgbọ́n wọ́n máa ní kí ẹ gbé èyí tó ṣẹ́ kù wá fún àwọn. Ẹbí tí ère náà jẹ́ àmì ọmọ tó lọ kò ní fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ láéláé. Nítorí náà ẹ béèrè ọ̀rọ̀ yìí kí ẹ tó tọwọ́ bọ̀wé, kí ẹ sì gba ìdáhùn náà ní kíkọ.

Ohun kan tí adójútòfò kì í sábà san rárá ni ìbàjẹ́ tó ń yọ́ wọlé díẹ̀díẹ̀: kòkòrò, gbígbó, ooru ẹ̀rọ amúlégbóná tó ń gbẹ igi. Ẹ tẹ́ bébà funfun sábẹ́ ère náà fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bí ẹ bá rí ìyẹ̀fun igi tó mọ́ lórí bébà, kòkòrò ṣì ń jẹun nínú rẹ̀, ẹ sì gbọ́dọ̀ gbé e lọ fún olùtọ́jú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kí ẹ tó gbé e lọ fún adíyelé. Ihò àtijọ́ tí kò sí ìyẹ̀fun nídìí rẹ̀ kò ní ewu tó bẹ́ẹ̀.

Iye ọjà

Abala 160 nínú òfin owó orí ogún ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti 1984, sọ ọ́ báyìí: iye tí ohun náà ì bá mú wá bí wọ́n bá tà á ní gbangba ọjà ní ọjọ́ náà. Kò sọ̀rọ̀ nípa ohun tí ẹ rà á, kò sì sọ̀rọ̀ nípa ohun tí ṣọ́ọ̀bù ń tà á. Ọjọ́ tí ẹni tó ni í kú ni ọjọ́ tí wọ́n ń wò. Fọ́ọ̀mù IHT407 ni wọ́n máa ń kọ ẹrù inú ilé àti ohun ara ẹni olóògbé sí.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nígbà ikú ni pé àwọn ọmọ á wá inú dúrọ́ọ̀, wọ́n á rí ìwé ìdíyelé kan, wọ́n á sì da iye inú rẹ̀ kọ. Ìwé adójútòfò ni. Bí ogún olóògbé bá ti kọjá £325,000 tí kò ní owó orí, ohun tó lé máa ń san ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó kọ £4,800 dípò £2,000 ti fi £2,800 kún ogún náà lásán, ó sì ti san £1,120 tí kò jẹ. Ẹ wo àkọlé ìwé náà dáadáa: ìwé ìdíyelé tó pé gbọ́dọ̀ sọ ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, àti irú iye tó jẹ́. Bí kò bá sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ má lò ó fún ohunkóhun.

Ṣé ó wá yẹ kí ẹ kọ iye tó kéré jù kí owó orí lè dín kù? Rárá. Yàtọ̀ sí pé àjọ agbowó-orí ní àwọn adíyelé tirẹ̀ tó lè yẹ̀ ẹ́ wò, iye tí ẹ bá kọ ní ọjọ́ ikú ló máa di ìpìlẹ̀ tí wọ́n máa fi wo èrè yín bí ẹ bá tà á lọ́jọ́ iwájú. Fún ère tí iye rẹ̀ tó ti àpẹẹrẹ wa, ìyẹn kò ní dà yín láàmú, torí pé ohun ara ẹni tí wọ́n bá tà ní £6,000 tàbí kó dín kì í san owó orí èrè.

Bí adíyelé ṣe ń dé ibi £2,000 rọrùn láti ṣàlàyé. Ó máa wá ère ìbejì méjì-méjì mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí wọ́n tà láìpẹ́, tí wọ́n ti agbègbè kan náà wá, tí gíga wọn àti ipò wọn sì sún mọ́ ti yín. Ó máa wo iye tí òòlù balẹ̀ sí, á dín in kù níbi tí ti yín bá ti là, á fi kún un níbi tí ti yín bá ti ní ẹ̀rí tó dára jù. Ẹ ní kó fi àwọn àpẹẹrẹ yẹn hàn yín. Iye tí ẹnì kan kọ sára ère tó ń tà lórí ìkànnì kì í ṣe ẹ̀rí, nítorí ẹnikẹ́ni lè béèrè iye tó wù ú. Iye tí ẹnì kan san gan-an ni ẹ̀rí.

Ìfojúdíwọ̀n gbàǹjo

Ìfojúdíwọ̀n kì í ṣe ìlérí, kì í sì í ṣe ìdíyelé lọ́nà tí èkíní àti èkejì fi jẹ́ ìdíyelé. Ọ̀nà tí ilé gbàǹjo ń gbà pe àwọn olùrà ni. Bí wọ́n bá kọ £1,500 sí £2,500, ẹni tó ní £1,800 máa gbé ọwọ́ sókè. Bí wọ́n bá kọ £3,500 sí £4,500, ẹni yẹn kò ní wá rárá, ó sì lè jẹ́ òun gan-an ni ì bá ti mú kí ẹlòmíì dé £2,600. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń fẹ́ kó rẹlẹ̀ díẹ̀. Èmi gbà pé ọ̀nà tó dára ni, níwọ̀n ìgbà tí owó ìdúró bá wà. Owó ìdúró ni iye àṣírí tí ẹ ní kí wọ́n má tà á sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kì í sì í ju iye ìsàlẹ̀ ìfojúdíwọ̀n lọ. Ní tiwa, £1,500 ló lè ga dé.

Àpẹẹrẹ tó gbajúmọ̀ jù nípa bí ìfojúdíwọ̀n ṣe lè jìnnà sí àbájáde ni àwòrán *Tutu* tí Ben Enwonwu yà ti Adétutù Adémilúyì, ọmọ-ọba Ifẹ̀. Inú ilé ẹbí kan ní àríwá Lọ́ńdọ̀nù ló wà. Ilé gbàǹjo Bonhams fojú díwọ̀n rẹ̀ sí £200,000 sí £300,000, àmọ́ ní 28 oṣù Kejì 2018 ó mú £1,205,000 wá. Ẹ kíyè sí ohun méjì níbẹ̀. Èkíní, àwòrán tó ti sọnù fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí ayàwòrán rẹ̀ lórúkọ, tí ìtàn rẹ̀ sì mọ́, lè fò lọ bẹ́ẹ̀. Ère ìbejì tí a kò mọ agbẹ́gilére rẹ̀ kì í sábà fò bẹ́ẹ̀, torí pé irú rẹ̀ ń jáde sí gbàǹjo lọ́dọọdún. Èkejì, àbájáde tí wọ́n ń gbé jáde fún aráyé ní owó àfikún olùrà nínú, ìyẹn owó tí ilé gbàǹjo ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó rà á lórí iye òòlù, ìfojúdíwọ̀n kò sì ní in. Bí ẹ bá fi ọ̀kan wé èkejì tààrà, ẹ máa rò pé ọjà náà dára ju bó ṣe rí lọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò tiwa dé òpin. Ká ní òòlù balẹ̀ sí £2,000, tí owó àfikún olùrà sì jẹ́ ìdá 26 nínú ọgọ́rùn-ún. Olùrà máa san £520 lé e, àti owó orí ọjà ti ìjọba, ìdá 20, lórí £520 yẹn, tó jẹ́ £104. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ £2,624 lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọwọ́ yín, ká ní ilé gbàǹjo gba ìdá 15 nínú £2,000, ìyẹn £300, wọ́n gba £40 fún fọ́tò, àti £30 fún ààbò ère nígbà tó wà lọ́dọ̀ wọn. £370 nìyẹn, owó orí ọjà rẹ̀ sì jẹ́ £74. Ohun tó máa wọ àpò yín ni £1,556. Iye mẹ́rin ló wà báyìí fún òòlù kan ṣoṣo: £2,624 tí olùrà san, £2,000 tí wọ́n pè nínú gbọ̀ngàn, £1,556 tí ẹ gbà, àti £4,800 tó wà nínú ìwé adójútòfò yín. Kí ẹ tó tọwọ́ bọ ìwé títà, ẹ ní kí wọ́n kọ gbogbo ìnáwó yìí sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ tún béèrè ohun tí ẹ máa san bí ère náà kò bá tà, tàbí bí ẹ bá yí ọkàn padà.

Ère tí kò tà ní gbàǹjo máa ń gbé àbàwọ́n kan kiri. Àwọn olùrà ń wo àbájáde àtijọ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á sì béèrè ohun tí àwọn yòókù rí tí wọn kò fi rà á. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀, ẹ jẹ́ kó sinmi fún ọdún kan tàbí méjì, kí ẹ sì wá padà pẹ̀lú ìfojúdíwọ̀n tó rẹlẹ̀ sí ti àkọ́kọ́.

Ohun tó ń gbé iye mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ sókè tàbí wá sílẹ̀

Ara ère àti ìwé rẹ̀ ni. Ère tí wọ́n wẹ̀, tí wọ́n fún lóúnjẹ, tí wọ́n fi osùn pa fún ọ̀pọ̀ ọdún máa ń fi hàn níbi tó yẹ. Imú, iwájú orí àti ilà ojú máa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́, wọ́n á sì dán. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹ̀yìn etí, àbíyá, àti àlàfo tó wà láàárín apá àti ìhà, ibi tí ọwọ́ kì í dé: osùn máa ti dì síbẹ̀, ẹ̀lú á sì ṣì wà nínú ìlà irun. Ère tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́ láti fi tan ni jẹ máa ń gbó bákan náà níbi gbogbo, títí kan ibi tí ìka kò lè wọ̀, ó sì lè máa rùn bíi pólíìṣì bàtà.

Nítorí èyí, ẹ má ṣe fi omi, ọṣẹ tàbí òróró kan ère náà kí adíyelé tó dé. Kí ẹ má sì já ìlẹ̀kẹ̀ ìdí rẹ̀ láti so òmíràn tó mọ́. Osùn tó dì sí ẹ̀yìn etí yẹn ni olùrà ń san owó fún, bó bá ti lọ, kò sí olùtọ́jú kan tó lè dá a padà.

Orúkọ agbẹ́gilére náà ń yí nǹkan padà. Bí adíyelé bá lè so ère yín mọ́ ilé àwọn Adúgbologe ní Ìtòkò, Abẹ́òkúta, kì í ṣe "iṣẹ́ Ẹ̀gbá" lásán mọ́, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á sì gòkè. Ẹ ní kó kọ ìdí tó fi rò bẹ́ẹ̀: ìrísí ojú, etí, irun, ìdúró ẹsẹ̀.

Fọ́tò 1951 ń ṣe iṣẹ́ tó tóbi ju bí ẹ ṣe rò lọ. Nàìjíríà ṣe òfin ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní 1953, láti ìgbà náà ni kíkó wọn jáde ti nílò ìwé àṣẹ. Òfin 77 ti 1979 tún ka ohun iṣẹ́ ọnà tí wọ́n ti lò rí nínú ìsìn tàbí ayẹyẹ ìbílẹ̀ mọ́ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, àjọ tó ń mójú tó àwọn musíọ̀mù lórílẹ̀-èdè náà ló sì ń fún ni ní ìwé àṣẹ. Ère ìbejì wà lábẹ́ òfin yẹn. Èyí tí ẹnì kan bá gbé nínú báàgì láti Abẹ́òkúta lọ́dún tó kọjá láìsí ìwé kò ní ìfojúdíwọ̀n gbàǹjo kankan, torí pé ilé gbàǹjo tó mọṣẹ́ kò ní gbà á. Ẹ ya ẹ̀dà fọ́tò náà, ẹ kọ orúkọ àwọn tó wà nínú rẹ̀ àti àdírẹ́sì ilé náà sí ìwé kan, kí àgbàlagbà tó rántí rẹ̀ fọwọ́ sí i nígbà tó ṣì wà láàyè.

Bí ẹ bá fẹ́ pín in láàárín ara yín

Ibí ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀ jù. Ká ní ọmọ mẹ́ta ni, àkọ́bí obìnrin fẹ́ gbé àwọn ère náà, ó sì fẹ́ san ìpín àwọn àbúrò rẹ̀. Bí àbúrò bá gbé ìwé £4,800 wá tó sì ní kí ó san £1,600 fún òun, ó ń rẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jẹ, torí pé kò sí ọ̀nà tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ì bá fi rí £4,800 bí wọ́n bá tà á. Bí ẹ̀gbọ́n náà bá ní £1,500 ìsàlẹ̀ ìfojúdíwọ̀n ni kí wọ́n lò, òun náà ti mú ibi tó wù ú. Ohun tó tọ́ lójú tèmi ni kí wọ́n mú iye ọjà, £2,000, kí wọ́n yọ ìnáwó títà tí wọn ì bá san, kí wọ́n sì pín £1,556 náà sí mẹ́ta. Ẹ̀gbọ́n á fún àbúrò kọ̀ọ̀kan ní nǹkan bíi £519. Kí gbogbo wọn fọwọ́ sí ìṣirò yẹn kí wọ́n tó pe adíyelé, kí ẹnikẹ́ni má baà yan iye lẹ́yìn tó ti rí i.

Bí ẹnì kan bá dábàá pé kí ọ̀kan gbé akọ, kí èkejì gbé abo, ẹ kọ̀ ọ́. Bí ọ̀kan bá mú £600 wá, méjèèjì á jẹ́ £1,200, ìyẹn ni pé £800 ti bọ́ nínú iye ọjà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí i gbà, adíyelé tó bá sì rí ọ̀kan nínú wọn lẹ́yìn ogún ọdún kò ní mọ̀ pé èkejì ṣì wà níbì kankan.